Fọ́tò tó ní déètì nínú ìjábọ̀ sáìtì: kí ló yẹ kí oníbàárà rí kí wọ́n tó da dẹ́kìn?

Ọmọ_Bàrígà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Èmi ni mò ń bójú tó ilé alájà kan tí wọ́n ń kọ́ ní Bàrígà fún oníbàárà tó wà ní Kánádà. Lọ́sẹ̀ méjì méjì ni mo ń lọ sí sáìtì, tí mo sì ń kọ ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí i. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ní fọ́tò tó lé lógójì nínú, déètì sì wà lára gbogbo wọn. Èsì tó fún mi ni pé: "Mo rí irin, mo rí pákó, mo rí àwọn ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí iṣẹ́ dé, mi ò sì mọ̀ bóyá ó dáa."

Wọ́n ti to irin dẹ́kìn báyìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ da kọnkéré, oníbàárà sì ní òun fẹ́ rí ìjábọ̀ tó yé òun kí òun tó fi owó sìmẹ́ńtì ránṣẹ́. Pílánù irin sọ pé irin 12 ni ti ìsàlẹ̀, àlàfo 200, dẹ́kìn nípọn 150, mílímítà ni gbogbo rẹ̀. Bákónì kan wà níwájú tó yọ síta ní mítà kan àti díẹ̀. Fọ́tò mélòó lẹ máa ń fi sínú ìjábọ̀ irú èyí? Kí lẹ máa ń kọ sábẹ́ wọn?

Bọ̀dá_Tímò

Àbúrò, ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Gba áàpù tó ń tẹ déètì, aago àti orúkọ àdúgbò sójú fọ́tò. Tí déètì bá ti hàn lójú fọ́tò, ẹ̀rí ti pé nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá ẹ jiyàn. Fọ́tò méjì tó fún yàrá kan: ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan láti igun tó kọjú sí i. Kọ orúkọ yàrá sábẹ́ rẹ̀, kó o fi ránṣẹ́. Ẹni tó wà lókè òkun ò ráyè ka ìwé gígùn.

Ẹnjiníà_Akọka

Igun méjì tí Bọ̀dá Tímò sọ yẹn dáa, ẹ mú un lò. Ọ̀rọ̀ déètì ni mo fẹ́ tún ṣe díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ ti ń bàjẹ́.

Déètì inú fóònù ni áàpù yẹn ń kà. Ẹni tó bá yí déètì fóònù rẹ̀ padà sí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni áàpù máa tẹ̀ sójú fọ́tò. Èyí tó tún wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kì í ṣe ẹ̀tàn rárá, ni pé fóómàn ya fọ́tò lọ́jọ́ Ajé, ó fi í ránṣẹ́ sí ẹ lórí Wasáàpù lọ́jọ́bọ̀, ìwọ wá wo orúkọ fáìlì náà, o kọ déètì ọjọ́bọ̀ sínú ìjábọ̀. Ẹ wo orúkọ méjì yìí:

```
IMG_20250612_091530.jpg
IMG-20250614-WA0007.jpg
```

Irú ti òkè ni kámẹ́rà ọ̀pọ̀ fóònù Android máa ń fún fọ́tò: ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n yà á. Ti ìsàlẹ̀, Wasáàpù ló fún un lórúkọ, ọjọ́ tó wọ inú fóònù ẹni tó gbà á ló sì ń sọ. Ó lè jẹ́ fọ́tò ọdún tó kọjá. Déètì tòótọ́ tó pamọ́ sínú fáìlì, èyí tí wọ́n ń pè ní `DateTimeOriginal`, Wasáàpù máa ń yọ ọ́ dànù tí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, tàbí tí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú Google Drive, kò ní yọ. Torí náà, ẹ sọ fún fóómàn pé dókúmẹ́ǹtì ni kó máa fi ṣe.

Síbẹ̀, déètì tó pamọ́ náà, láti inú aago fóònù ló ti wá. Ohun tó ń mú fọ́tò dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ni pé kó so mọ́ nǹkan mìíràn. Pátákó kékeré kan tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ déètì, nọ́ńbà fọ́tò àti orúkọ òpó tó sún mọ́ ibẹ̀, kó wà nínú fọ́tò fúnra rẹ̀. Téèpù tó ń wọn nǹkan, kó wà níbẹ̀. Kí nǹkan tí kì í kúrò lójú kan náà sì tún wà níbẹ̀: táǹkì omi ará ilé kejì, òpó iná ojú pópó, fẹ́ńsì. Ẹni tó bá rí táǹkì kan náà nínú fọ́tò oṣù karùn-ún àti ti oṣù kẹfà mọ̀ pé sáìtì kan náà ni.

Kí ẹ tó kúrò ní sáìtì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ó ti máa dúró ya fọ́tò gbogbogbò, bóyá ẹnu géètì, igun fẹ́ńsì ẹ̀yìn, orí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ máa dúró sí nígbàkigbà tí ẹ bá lọ, kí fóònù wà ní ìbú. Tí ẹ bá to ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ ti òní, oníbàárà á rí ìyàtọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹ kọ ohunkóhun. Àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn ló ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé. Bóyá iṣẹ́ náà dáa kọ́ ni wọ́n ń sọ o. Àwọn fọ́tò mìíràn ló ń sọ ìyẹn, mo ń bọ̀ wá sórí wọn.

Ìyá_Ìbejì_Kétu

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ṣé irú fọ́tò báyìí ni mo lè fi gba owó mi padà lọ́wọ́ kọntirakítọ̀? Wọ́n ti rẹ́ ilé wa tán, ògiri yàrá méjì sì ti ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dà bí ojú àwọ̀n. Mo ya fọ́tò rẹ̀, déètì wà níbẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ẹnjiníà_Akọka

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí ojú àwọ̀n, ara rẹ́ńdà nìkan ló sábà máa ń wà: sìmẹ́ńtì pọ̀ jù nínú àpòpọ̀, tàbí oòrùn gbẹ ẹ́ kó tó gba omi tó. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ìlà kan ṣoṣo tó gùn, tó dábùú láti igun fèrèsé lọ sókè, tó sì ń fẹ̀ sí i. Ẹ fi bírò fa ìlà kékeré dábùú orí ibi tó sán náà, kí ẹ kọ déètì síbẹ̀, kí ẹ wá máa ya fọ́tò ibẹ̀ lóṣooṣù pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí kò bá yí padà, ó sábà máa ń jẹ́ rẹ́ńdà nìkan. Ti owó, ìwé àdéhùn yín ló máa sọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tiwa níbí dá lórí dẹ́kìn tí wọn ò tíì dà.

Ìyá_Ìbejì_Kétu

Ẹ ṣeun. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni lóòótọ́. Màá fa ìlà yẹn.

Bẹ́ńdà_Múṣin

Iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Tí ẹ bá dé sáìtì, tí fóómàn ní "ẹ wá ya ibí yìí," ẹ ya ibẹ̀, kó dùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn lọ síbi tí kò pè yín sí. Irin tó wà níwájú, níbi tí gbogbo ènìyàn ń gbà gòkè, ló máa ń tọ́ jù. Ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kánjú to irin nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ẹ wo bísíkíìtì. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn ni wọ́n fi ń ṣe é, ó nípọn mílímítà 25, wáyà wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń so ó mọ́ irin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé irin kúrò lórí pákó kí kọnkéré lè bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe é sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa. Ní sáìtì tí wọn ò bá ti ṣe é, àfọ́kù gíránáìtì ni wọ́n máa ń tì sábẹ́ irin, òmíràn ga, òmíràn kúrú, tí ẹsẹ̀ bá sì ti kàn án, ó yọ́ lọ. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nínú fọ́tò ni pé kí ẹ tẹrí ba, kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀ gan-an lórí pákó, kí ẹ ya ojú irin ní ìbú. Ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ irin. Tí ẹ ò bá rí ìmọ́lẹ̀, irin ti sùn sórí pákó nìyẹn. Téèyàn bá dúró lókè ya fọ́tò, irin tó sùn àti irin tó gbéra jọra wọn.

Tí wọ́n bá da irú ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá yọ pákó ni ẹ máa rí irin nísàlẹ̀ dẹ́kìn, pupa wẹ́. Ọ̀rinrin létí ọ̀sà wa yìí kì í fi irú irin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ_Bàrígà

Ẹ ṣeun gan-an. Fọ́tò àtòkè wá ni gbogbo tèmi. Mo padà lọ sí sáìtì pẹ̀lú téèpù àti pátákó. Bí mo ṣe kọ ọ̀kan sábẹ́ fọ́tò nìyí, ẹ bá mi wò ó:

"Fọ́tò 7: Irin dẹ́kìn pálọ̀, 14/6/2025. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa."

Mo fi téèpù sórí irin náà, mo rí i pé ní mítà kan, irin márùn-ún ló wà. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ẹnjiníà_Akọka

Kò dáa, ó sì dára pé ẹ kà á.

Àlàfo 200 túmọ̀ sí pé tí òdo téèpù bá wà lórí irin kan, títí dé mítà kan, irin gbọ́dọ̀ wà ní 0, 20, 40, 60, 80 àti 100 sẹ̀ǹtímítà. Irin mẹ́fà nìyẹn. Tí irin márùn-ún bá wà, 0, 25, 50, 75, 100, àlàfo 250 ni wọ́n tò ó. Tí pálọ̀ yín bá gùn ní mítà 4.8, irin 25 ló yẹ kó dábùú rẹ̀. Bí 20 ló máa wà níbẹ̀ báyìí. Ìdá kan nínú márùn-ún irin tí ẹni tó ṣe ìṣirò gbára lé ti lọ. Ẹ ṣírò ohun tí wọ́n rí fi pamọ́ níbẹ̀: irin márùn-ún tó gùn tó bíi mítà mẹ́rin, kò tó odindi irin méjì ti mítà 12 tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ọjọ́ kan ni bẹ́ńdà méjì máa fi tún un ṣe, ó kéré sí ọjọ́ kan pàápàá. Lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti gbẹ lé e, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe mọ́.

Ẹ má kà ní ibì kan ṣoṣo o. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú mẹ́ta nínú yàrá náà, àti lọ́nà méjèèjì, nítorí irin tó lọ ní ìbú àti èyí tó lọ ní òró lè ní àlàfo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú pílánù.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí ẹ kọ. "Iṣẹ́ ń lọ dáadáa" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó wà ní Kánádà, àní ó tún bo ohun tí téèpù yín ti rí. Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Fọ́tò 7. 14/6/2025, aago 9:40 àárọ̀. Dẹ́kìn lókè pálọ̀, láàárín òpó B2 àti C3, mo kọjú sí ojú pópó. Irin ìsàlẹ̀ 12. Téèpù fi àlàfo 250 hàn, lójú mẹ́ta. Pílánù irin sọ 200. Kò bá pílánù mu. Bẹ́ńdà máa tún un tò sí 200 kó tó di 16/6. Màá padà wá ya fọ́tò ibì kan náà kí wọ́n tó da kọnkéré."

Ibi tó wà, ohun tí mo rí, ohun tí pílánù sọ, ohun tó kàn, ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa ṣe é. Ẹni tí kò mọ̀ nípa ilé kíkọ́ rárá máa lóye rẹ̀. Ẹ ya pílánù ilé sójú ìwé kan nínú ìjábọ̀ náà, kí ẹ fi ọfà àti nọ́ńbà tọ́ka sí ibi tí ẹ ti ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan àti ibi tí ẹ kọjú sí. Ọfà yẹn ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, torí pé gbogbo irin jọra wọn nínú fọ́tò.

Ní ti iye fọ́tò, méjìlá sí mẹ́rìndínlógún tó nínú ìjábọ̀. Ìyókù, ẹ kó wọn sínú fódà ọjọ́ náà, kí ẹ fi líǹkì rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó á wò ó.

Bẹ́ńdà_Múṣin

Ẹ má gbàgbé bákónì tó ní ó yọ síta yẹn o. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó ya fọ́tò púpọ̀ jù.

Ẹnjiníà_Akọka

Ó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Nínú yàrá, ògiri tàbí bíìmù gbé dẹ́kìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìsàlẹ̀ ló ń fẹ́ fà ya, ìdí nìyẹn tí irin pàtàkì fi wà nísàlẹ̀. Bákónì tí kò ní òpó níwájú, òkè ló ń fẹ́ fà ya, níbi tó ti so mọ́ ilé. Irin òkè ló gbé gbogbo rẹ̀. Irin yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú yàrá padà, ó kéré tán bí bákónì náà ṣe gùn tó. Pílánù irin máa sọ iye rẹ̀ gan-an, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ohun tó ń ba irin òkè jẹ́ ni ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré, àwọn tó ń ru páànù á máa gba orí rẹ̀ kọjá látàárọ̀. Tí kò bá sí ṣíà irin tó gbé e, tí wọ́n tò ní bíi mítà kan síra wọn, ó máa tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kọnkéré á sì bò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Bàrígà yìí ṣírò. Dẹ́kìn nípọn 150. Kọnkéré tó máa bo irin lókè jẹ́ 25, irin fúnra rẹ̀ 12. Èyí tó kù láti orí pákó dé abẹ́ irin òkè jẹ́ 113. Ẹ gbé téèpù dúró lóòró lórí pákó ní ẹnu bákónì, níbi tí ògiri wà, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kà bíi sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá. Tó bá ka mẹ́fà, irin ti lọ sí àárín, agbára tí bákónì fi máa dúró ti dín kù sí bí ìdajì. Ilé náà lè gbé ọdún kan, ọdún méjì, kó tó sán ní ìdí. Fọ́tò yẹn gan-an ni kò gbọ́dọ̀ ṣàì sí nínú ìjábọ̀ yín, kí ẹ sì tún un yà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa da kọnkéré, kí páànù àkọ́kọ́ tó gòkè. Oṣù kẹfà la wà. Òjò lè rọ̀ mọ́jú, kí yanrìn dà sórí pákó, kí káfíńtà tún gba orí irin kọjá lọ tún pákó kàn. Irin ọjọ́ 14 lè má rí bákan náà ní ọjọ́ 17.

Kí ẹ rí i pé òṣìṣẹ́ LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ti wá wo irin náà kí ẹ tó dà á. Ẹ fi ìwé àyẹ̀wò wọn sínú ìjábọ̀.

Oníṣirò_Yábàá

Oníbàárà bi ẹ́ pé ibo niṣẹ́ dé. Ṣé ẹ ti dá a lóhùn ìyẹn tán? Èmi ni mo máa ń ṣírò owó iṣẹ́, ohun tí mo sì máa ń rí nínú ìjábọ̀ ni "iṣẹ́ ti dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún", torí pé ilé alájà kan ni, wọ́n ti parí ìsàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, páìpù, iná, táìlì, gbogbo ìyẹn ò tíì wọlé, owó ńlá sì ni.

Ẹ lo ìwé ìdíyelé iṣẹ́ yín. Ká fi dẹ́kìn ṣe àpẹẹrẹ: ká ní pákó kó 20, irin kó 45, kọnkéré kó 35 nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún owó dẹ́kìn. Tí pákó àti irin bá ti pé, dẹ́kìn ti dé 65. Tí dẹ́kìn fúnra rẹ̀ bá jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, ohun tí ẹ máa kà sí iṣẹ́ ilé jẹ́ bíi 12. Irin tí fọ́tò 7 fi hàn pé kò bá pílánù mu, ẹ má tíì kà á. Ìgbà tí wọ́n bá tún un tò, tí fọ́tò kejì bá wọlé, ìgbà yẹn ni kí ẹ kà á.

Bọ̀dá_Tímò

Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yìí máa dà á láàmú. Oníbàárà fẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Oníṣirò_Yábàá

Ẹ fún un ní nọ́ńbà kan, kí ẹ sì fi bí ẹ ṣe rí i sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ báńkì ló ń yá a lówó, wọ́n á béèrè bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹnjiníà_Akọka

Èmi ò nífẹ̀ẹ́ sí nọ́ńbà kan fún odindi ilé, mo gbà pé ó yẹ fún báńkì nìkan. Mo fẹ́ kí oníbàárà rí i lọ́kọ̀ọ̀kan: pákó parí, irin kù yàrá kan, kọnkéré kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló mọ̀ nípa owó jù mí lọ.

Abíkẹ́_Sùúrùlérè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún un. Déètì inú fọ́tò wúlò jù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da dẹ́kìn. Tí wọ́n bá dà á ní 17/6, tí fọ́tò 26/6 sì fi hàn pé kò sí igi lábẹ́ rẹ̀ mọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré nìyẹn. Dẹ́kìn yàrá kékeré, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bíìmù àti bákónì, ọjọ́ mọ́kànlélógún. Kọntirakítọ̀ máa ń fẹ́ tètè yọ igi nítorí pé wọ́n háyà rẹ̀ ni, tàbí kí wọ́n lè lò ó níbòmíràn. Fọ́tò méjì tí ẹ ya láti ojú àmì ọ̀dà kan náà máa sọ gbogbo rẹ̀, ẹ ò ní nílò láti bá ẹnikẹ́ni jà.

Omi náà ńkọ́? Ọjọ́ méje àkọ́kọ́, dẹ́kìn gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ ní kí fóómàn máa ya fọ́tò ojú dẹ́kìn láàárọ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú pátákó déètì. Ojú dẹ́kìn tó ti funfun, tó gbẹ, máa hàn.

Ọmọ_Bàrígà

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù tó ń dà mí láàmú. Àlàfo 250 yẹn, mo ti sọ fún fóómàn, ó sì ti ní òun máa tún un ṣe. Ṣé kí n fi fọ́tò àṣìṣe náà ránṣẹ́ sí oníbàárà báyìí, àbí kí n dúró títí wọ́n á fi tún un ṣe tán, kí n wá fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀? Tó bá rí i báyìí, ó lè bínú dá iṣẹ́ dúró.

Bọ̀dá_Tímò

Dúró. Tún un ṣe ná, kó o fi èyí tó dáa ránṣẹ́. Ọkàn ẹni tó wà lọ́nà jíjìn kì í balẹ̀.

Abíkẹ́_Sùúrùlérè

Rárá o. Òun ló ń san owó, òun ló sì máa gbé inú ilé náà. Tó bá wá mọ̀ lẹ́yìn pé o rí i, o ò sì sọ, kò ní gba fọ́tò rẹ kankan gbọ́ mọ́.

Oníṣirò_Yábàá

Ọ̀rọ̀ owó sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lórí ìjábọ̀ yìí ni. Tó bá fi ránṣẹ́, tí irin ò sì tíì tọ́, kọntirakítọ̀ ti ní gbogbo ohun tó nílò láti da kọnkéré lórí àṣìṣe náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti dà á lóru.

Ẹnjiníà_Akọka

Lójú tèmi, ẹ fi ránṣẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n kí àtúnṣe àti déètì rẹ̀ wà lábẹ́ fọ́tò náà bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹ kọ sókè pátápátá, kó tó dé orí fọ́tò kankan: "Ẹ má tíì fi owó sìmẹ́ńtì ránṣẹ́. Ohun méjì ló kù kí a tó lè da dẹ́kìn: irin pálọ̀ àti àyẹ̀wò irin òkè bákónì. Màá fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ ní 16/6." Ó máa ń dín ìbínú kù tí ènìyàn bá ti mọ ohun tó kù àti ọjọ́ tó máa parí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń kọ́kọ́ fi ìjábọ̀ han kọntirakítọ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kó lè sọ tẹnu rẹ̀. Èyí ò burú, bí kò bá ti ju ọjọ́ kan lọ, tí ẹ ò sì jẹ́ kó yọ fọ́tò kankan kúrò.

Bẹ́ńdà_Múṣin

Kọntirakítọ̀ mìíràn á ní pílánù ló ṣe àṣejù, pé irin márùn-ún tó. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé kó sì buwọ́ lù ú. Wọn kì í sábà kọ ọ́.

Ọmọ_Bàrígà

Mo ti fi ránṣẹ́, gbólóhùn "ẹ má tíì fi owó ránṣẹ́" ló wà lókè. Bákónì náà, téèpù ka sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ní ẹnu ògiri. Kò sí ṣíà kankan níbẹ̀. Ẹnjiníà, ṣé ṣíà nìkan ni kí wọ́n fi sí i, àbí kí wọ́n tú irin òkè náà pátápátá?

Ẹnjiníà_Akọka

Tí irin náà bá ṣì tọ́, tí kò wọ́, ṣíà tó: kí wọ́n gbé e dé 113, kí wọ́n so ó mọ́ ṣíà, kí ẹ sì tún fi téèpù wọ̀n ọ́n ní ojú mẹ́ta lẹ́nu ògiri. Tó bá ti wọ́, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi tuntun sí i. Ẹ ya bí irin náà ṣe wọ inú yàrá tó pẹ̀lú, kí téèpù wà lórí rẹ̀ láti ògiri dé ẹnu irin. Ẹ fi wọ́n síbí ní ọjọ́ 16, ká jọ wò ó.